Pẹtiróò tàbí Dísù: Bí Awakọ̀ Tó Ń Rìn Jìnnà Lọ́dọọdún Ṣe Lè Fi Ìṣirò Yan Ẹ̀yà Ọkọ̀ Kan Náà

Bí ilé iṣẹ́ kan bá ṣe irú ọkọ̀ kan ní ẹ̀yà méjì, tí ọ̀kan ń lo pẹtiróò tí èkejì sì ń lo dísù, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún awakọ̀ tó ń rìn jìnnà ni pé kó ra ti dísù kó lọ sinmi. Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò kún tó. Ẹni méjì lè máa rin kìlómítà 60,000 lọ́dún nínú irú ọkọ̀ kan náà, kí dísù mú èrè wá fún ọ̀kan, kó sì kó èkejì sí gbèsè. Yàtọ̀ sí iye kìlómítà, ohun méjì mìíràn ló ń pinnu ọ̀rọ̀ náà: bí owó lítà dísù ṣe rí sí owó lítà pẹtiróò, àti irú ìrìn tí ènìyàn fi kó kìlómítà wọ̀nyẹn jọ. Ìtọ́sọ́nà yìí yóò mú yín gba inú ìṣirò náà lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ lè fi iye tiyín sí i.

Kí ìṣirò náà lè wúlò fún ẹnikẹ́ni, ibi yòówù tó bá ń gbé, n kò ní lo owó ìlú kankan. Lítà pẹtiróò kan ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí nǹkan kan bá máa ná yín ní iye tó tó ra lítà pẹtiróò 100, ẹ kọ 100 sílẹ̀ fún un. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí nítorí pé bí ọjà bá gbówó lórí lápapọ̀, ìṣirò náà kì í tètè bàjẹ́ bíi ti èyí tí a fi owó ṣe.

Awakọ̀ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ń rin kìlómítà 60,000 lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lórí òpópónà márosẹ̀, ní eré tó wà láàárín kìlómítà 90 sí 110 ní wákàtí kan. Ó fẹ́ lo ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́rin kó tó tà á.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ rí i dájú pé ọkọ̀ kan náà ni ẹ ń fi wéra

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń sábà fi ẹ́ńjìnnì dísù sínú ẹ̀yà tó ní àga aláwọ, táyà fífẹ̀ àti àwọn ohun ìgbádùn mìíràn. Bí ẹ bá fi owó rẹ̀ wé ti pẹtiróò tí kò ní nǹkan wọ̀nyẹn, ìyàtọ̀ tí ẹ rí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ wá méjì tí jíà wọn jọra, tí táyà wọn jẹ́ ìwọ̀n kan náà, tí ọjọ́ orí wọn kò sì jìnnà síra. Ní ti agbára, ẹ má wo iye agbára ẹṣin tí wọ́n kọ sínú ìwé nìkan, nítorí ẹ́ńjìnnì dísù máa ń fà gidigidi nígbà tí ìyípo rẹ̀ ṣì wà ní nǹkan bíi 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ibi tí awakọ̀ ti ń lò ó jù lọ. Ìdí nìyí tí dísù tí agbára rẹ̀ kéré díẹ̀ lórí ìwé fi lè gun òkè pẹ̀lú ẹrù bíi pẹtiróò tó jù ú lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fúnra yín wọn iye epo tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ

Iye tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé ọkọ̀ wá láti inú yàrá ìdánwò, kọ̀ńpútà inú dáṣíbọ́ọ̀dù náà sì sábà máa ń sọ pé epo tí ọkọ̀ jẹ kéré ju bó ṣe rí gan-an lọ. Fún ẹni tó ń rìn díẹ̀, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Fún ẹni tó ń rin kìlómítà 60,000, àṣìṣe ìdajì lítà ní kìlómítà 100 ti di lítà 300 lọ́dún.

Ọ̀nà tó dájú kò le. Ẹ rọ epo ní ilé epo kan títí tí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù yóò fi já fúnra rẹ̀, ẹ má sì fi ẹyọ kan kún un lẹ́yìn náà. Ẹ dá òǹkà ìrìn àjò padà sí òdo. Ẹ wá wa ọkọ̀ náà lórí ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà gan-an, ó kéré tán kìlómítà 500, kí ẹ sì padà sí pọ́ọ̀ǹpù kan náà láti rọ epo títí tí yóò fi tún já. Iye lítà tó wọlé nígbà kejì yìí ni ọkọ̀ jẹ. Ẹ pín in sí iye kìlómítà tí ẹ rìn, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100.

Ká ní ọkọ̀ dísù tí a ń yẹ̀ wò gba lítà 38.9 lẹ́yìn kìlómítà 720. Iye tó ń jẹ ní kìlómítà 100 jẹ́ 38.9 ÷ 720 × 100, ìyẹn lítà 5.4. Ti pẹtiróò gba lítà 51.8 lórí ọ̀nà kan náà, èyí tó jẹ́ lítà 7.2. Ẹ tún un ṣe títí tí iye tí ẹ ń rí kò fi ní máa lọ sókè sódò mọ́, nítorí atẹ́gùn, ẹrù àti sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọjọ́ kan ṣoṣo lè tan ènìyàn jẹ. Bí kò bá ṣeé ṣe láti gba ọkọ̀ méjèèjì wà, ẹ wá àwọn tó ń lò wọ́n lórí irú ọ̀nà yín, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi rìsíìtì epo wọn hàn yín. Rìsíìtì dára ju kí wọ́n kàn fi ẹnu sọ pé ọkọ̀ àwọn kì í jẹ epo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi ìpín epo wé ìpín owó

Ibí yìí ni ọkàn ọ̀rọ̀ wà. Ẹ pín iye tí pẹtiróò ń jẹ sí iye tí dísù ń jẹ: 7.2 ÷ 5.4 = 1.33. Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó lítà dísù kan sí owó lítà pẹtiróò kan ní agbègbè yín. Bí dísù bá fi ìdá 10 nínú 100 wọ́n ju pẹtiróò lọ, ìpín owó yín jẹ́ 1.10. Bí ìpín owó bá ti dé 1.33, kò sí lítà kan tí dísù fi pamọ́ fún yín mọ́, bí ẹ tilẹ̀ ń rin kìlómítà 200,000 lọ́dún. Ìgbà tí ìpín owó bá wà nísàlẹ̀ ìpín epo ni kìlómítà púpọ̀ tó lè ṣe dísù láǹfààní. Bó bá ti kọjá rẹ̀, ṣe ni rírìn jìnnà yóò máa sọ àdánù náà di ńlá.

Ìdí tí ìpín epo fi máa ń wà ní àyíká iye yìí ṣeé mọ̀. Lítà dísù kan ní agbára nínú ju lítà pẹtiróò kan lọ, nǹkan bíi mẹ́gájúùlù 36 sí 32, nítorí pé dísù ki ju pẹtiróò lọ. Èyí nìkan ti mú ìdá 12 nínú 100 wá láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ iṣẹ́ ju èkejì lọ. Ìyókù wá láti ara ẹ́ńjìnnì. Ti dísù máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú 16 kó tó gbiná, nígbà tí ti pẹtiróò sábà máa ń wà láàárín ìdá kan nínú 9 sí ìdá kan nínú 12. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí awakọ̀ pẹtiróò bá rọra tẹ ẹsẹ̀, ńṣe ni ọkọ̀ ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ mọ́ ara rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè kéré, ẹ́ńjìnnì a sì máa lo epo láti fa afẹ́fẹ́ gba ojú ihò tóóró yẹn. Dísù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, iye epo tó ń fọ́n nìkan ló ń dín kù.

Láti inú èyí ni ẹ ti lè mọ ibi tí àlàfo náà yóò ti fẹ̀ àti ibi tí yóò ti dín. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ àti lórí ìrìn jẹ́jẹ́, tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ pẹtiróò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà ní dídí, dísù máa ń fi pẹtiróò sílẹ̀ jìnnà. Bí ọkọ̀ bá wá ń sáré kìlómítà 130 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì pẹtiróò ti ń mí fàlàlà, ìyàtọ̀ méjèèjì a sì dín kù. Nítorí náà, ìpín epo tí ẹlòmíràn rí ní ìgboro kì í ṣe tiyín bó bá jẹ́ pé orí márosẹ̀ ni ẹ ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Kìlómítà 60,000 jẹ́ 100 lọ́nà 600. Pẹtiróò yóò jẹ lítà 4,320 lọ́dún. Dísù yóò jẹ lítà 3,240, èyí tí a ó fi ìpín owó sọ di ìlọ́po. Bí owó méjèèjì bá dọ́gba, èrè ọdún kan jẹ́ lítà 1,080. Bí ìpín owó bá jẹ́ 1.10, dísù ti ná iye lítà pẹtiróò 3,564, èrè sì ti wá sílẹ̀ sí 756. Bí ó bá di 1.25, èrè kò ju 270 lọ mọ́. Awakọ̀ kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, kìlómítà kò sì yí padà.

Fún ìpín owó, ẹ má lo ti ọjọ́ òní nìkan. Ẹ wo bó ṣe rí láàárín ọdún kan tó kọjá ní àwọn ilé epo tí ẹ ń lò lójú ọ̀nà, kí ẹ sì mú èyí tó ga jù àti èyí tó lọ sílẹ̀ jù, nítorí a óò nílò méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kó gbogbo ìnáwó yòókù jọ fún iye ọdún tí ẹ fẹ́ lò ó

Èrè epo nìkan kọ́ ni èrè. Àwọn iye tó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ àpẹẹrẹ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi tiyín rọ́pò.

Ká ní dísù fi iye lítà pẹtiróò 1,500 wọ́n ju pẹtiróò lọ nígbà tí a ń rà á, tí yóò sì fi 500 wọ́n jù ú lọ nígbà tí a bá ń tà á lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ohun tí a pàdánù níbẹ̀ jẹ́ 1,000. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ yá owó láti fi ra ọkọ̀, èlé orí 1,500 yẹn náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni sáfíìsì. Aṣiṣe tí mo máa ń rí jù níbí ni pé wọ́n máa ń ka sáfíìsì ní ọdọọdún. Ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo kìlómítà 15,000 yóò ṣe é nígbà mẹ́rin lọ́dún lọ́wọ́ awakọ̀ yìí. Ọ́ìlì tí dísù ń gbà sábà máa ń pọ̀ ju ti pẹtiróò lọ, fílítà epo rẹ̀ náà gbówó lórí, àmọ́ pẹtiróò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo tí a ń pààrọ̀, èyí tí dísù kò ní. Ká gbà pé, lẹ́yìn tí a ti yọ owó pílọ́ọ̀gì, ìtọ́jú dísù fi 120 ju ti pẹtiróò lọ lọ́dún, ìyẹn 480 fún ọdún mẹ́rin.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ dísù tuntun tún ń lo omi yúríà tí a ń dà sínú táǹkì tirẹ̀ láti fi pa gáàsì olóró inú èéfín. Bí ọkọ̀ bá ń lo nǹkan bíi lítà 1.2 ní kìlómítà 1,000, yóò lo lítà 72 lọ́dún. Bí owó lítà rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì ti pẹtiróò, 36 lọ́dún nìyẹn, tàbí 144 ní ọdún mẹ́rin. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í gbà kí a tún ṣáná bí táǹkì náà bá ti gbẹ, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò.

Èyí tó kẹ́yìn ni owó àtúnṣe ńlá kan. Láàárín kìlómítà 240,000, mo gbà pé kò bọ́gbọ́n mu láti máa retí pé kò sí ohun kan tí yóò bàjẹ́ lára nọ́sù tó ń fọ́n epo, fílítà inú sàléńsà tàbí kílọ́ọ̀ṣì dísù. Ẹ béèrè iye tí mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ náà ń gbà fún èyí tó máa ń bàjẹ́ jù lára rẹ̀, kí ẹ sì fi í sí ìṣirò bí ẹni pé yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A ó fi 600 sí i.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000 + 480 + 144 + 600, ìyẹn 2,224. Bí owó epo méjèèjì bá dọ́gba, èrè epo ọdún mẹ́rin jẹ́ 4,320, dísù sì fi 2,096 borí. Ní ìpín owó 1.10, èrè epo jẹ́ 3,024, dísù sì fi 800 péré borí, èyí tí kò tó ìdá 5 nínú 100 gbogbo epo tí pẹtiróò yóò jẹ láàárín àkókò náà. Ní 1.25, èrè epo jẹ́ 1,080, ẹni tó ra dísù sì ti pàdánù 1,144. Ibi tí òṣùwọ̀n náà ti dọ́gba ni ìpín owó 1.16. Ẹ ó rí i pé ó lọ sílẹ̀ dáadáa ju 1.33 tí a kọ́kọ́ rí.

Bí a bá wá gé ìrìn yìí sí kìlómítà 30,000 lọ́dún, ní ìpín owó 1.10 kan náà, èrè epo ọdún mẹ́rin yóò jẹ́ 1,512. Owó sáfíìsì àti omi yúríà yóò di ìdajì, ìyẹn 312, ṣùgbọ́n 1,000 ti rírà àti títà àti 600 ti àtúnṣe ṣì dúró síbẹ̀. Dísù yóò fi 400 pàdánù. Nítorí náà, ẹ ka kìlómítà yín láti inú òǹkà ọkọ̀ tí ẹ ń wà lọ́wọ́, ẹ má fojú dá a. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbà pé òun ń rin kìlómítà 60,000 ló ń rin 40,000.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yẹ irú kìlómítà yín wò

Gbogbo ohun tí a ti ṣe láti ẹ̀yìn wá gbà pé dísù náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ohun tó ń ba ìrètí yìí jẹ́ jù lọ ni fílítà tó wà nínú sàléńsà, tó ń gba èérí dúdú inú èéfín kó má bàa jáde. Bí èérí bá ti kún un dé ìwọ̀n kan, kọ̀ńpútà ọkọ̀ yóò máa fọ́n epo díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí iná inú ẹ́ńjìnnì ti jó tán, kí sàléńsà lè gbóná dé nǹkan bíi 600 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí èérí náà sì jóná. Ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 20 tí ọkọ̀ ń lọ geerege. Awakọ̀ márosẹ̀ kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó ń wakọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó paná, tó tún ṣáná, ni ìyà ń jẹ. Ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sísun náà, wọn a sì pa ẹ́ńjìnnì kó tó parí. Ẹ lè dá a mọ̀: ìyípo ẹ́ńjìnnì a ga díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró, fáànù a ṣì máa pariwo lẹ́yìn tí ẹ ti paná, òórùn gbígbóná a sì wá láti abẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, apá kan lára epo àfikún yẹn á máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì lọ sínú ọ́ìlì. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ ní òwúrọ̀ kí ẹ tó ṣáná. Bí ọ́ìlì bá ti gòkè ju àmì òkè lọ, tó ń rùn bíi dísù, tí kò sì lẹ̀ mọ́ ìka bó ṣe yẹ, kì í ṣe pé ọkọ̀ náà kì í jẹ ọ́ìlì. Dísù ló wọ inú rẹ̀, ọ́ìlì tó ti ṣàn bí omi bẹ́ẹ̀ kò sì lè dáàbò bo tọ́bò àti béárì inú ẹ́ńjìnnì mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wá ohun tó fà á.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà mọ irú ìrìn yín láìjiyàn. Ẹ wo ìpíndọ́gba eré ọkọ̀ yín fún oṣù kan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ní ìpíndọ́gba kìlómítà 80 ní wákàtí kan, kìlómítà 60,000 jẹ́ wákàtí 750 tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́. Ní ìpíndọ́gba kìlómítà 30, ó di wákàtí 2,000. Òǹkà kìlómítà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kejì ti ṣiṣẹ́ ju ìlọ́po méjì àkọ́kọ́ lọ, ọ́ìlì rẹ̀ sì yẹ kó máa tètè gba ìpààrọ̀ ju bí ìwé ṣe sọ. Ọkọ̀ èrò tó ń ṣiṣẹ́ nígboro láti àárọ̀ di alẹ́ láìpaná sàn ju ọkọ̀ tó ń jí ṣáná ní ìgbà 15 lójúmọ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tútù. Bí ìpíndọ́gba eré yín bá wà nísàlẹ̀ 30, tí pípaná àti ṣíṣáná sì pọ̀, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ra dísù, bí ìṣirò epo tilẹ̀ gbè é.

Awakọ̀ márosẹ̀ wa bọ́ lọ́wọ́ èérí, ṣùgbọ́n kò bọ́ lọ́wọ́ eérú. Èérí lè jóná, àmọ́ eérú tó wá láti inú àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì kì í jóná. Ńṣe ni yóò máa kó jọ sísàlẹ̀ fílítà títí tí àyè èérí yóò fi dín kù, tí iṣẹ́ sísun yóò sì máa wáyé lemọ́lemọ́. Kìlómítà púpọ̀ ló ń mú èyí wá, kò sí eré márosẹ̀ tó lè wò ó. Ohun tó lè mú kó pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀ ni ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré. Ìwé ọkọ̀ máa ń dárúkọ irú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ gba òmíràn nítorí pé ó dínwó. Bí ẹ bá sì ń ra àlòkù tó ti rin kìlómítà 150,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ owó fífọ̀ tàbí pípààrọ̀ fílítà yìí sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wádìí epo tó wà lójú ọ̀nà yín

Nọ́sù dísù òde òní ń fọ́n epo pẹ̀lú agbára tó lè dé ìlọ́po 2,000 agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, láti ojú ihò tó tín-ín-rín bí irun orí. Dísù kan náà tó ń jóná ló tún ń ṣe ọ́ìlì fún pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, irin á máa gbo irin, èérún irin náà á sì bá epo lọ sí gbogbo nọ́sù, débi pé ìbàjẹ́ pọ́ọ̀ǹpù kan lè sọ gbogbo ẹ̀rọ epo di èyí tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Nọ́sù pẹtiróò ń lo agbára tó kéré sí èyí gan-an, kì í sì í tètè bínú bẹ́ẹ̀.

Bí dísù tó mọ́ kò bá sí ní gbogbo ibi tí ẹ ń gbà, ẹ máa ja omi kúrò nínú fílítà epo ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ gbà á sínú ìgò funfun, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi. Omi á lọ sísàlẹ̀, dísù á dúró lókè rẹ̀, ẹ ó sì rí ààlà àárín wọn kedere. Bí omi bá ń hàn nígbà gbogbo, ẹ yí ilé epo padà. Bí kò bá sí èyí tí ẹ lè yí sí, ẹ sọ owó àtúnṣe ńlá inú ìgbésẹ̀ kẹrin di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì tún un ṣírò. Nínú àpẹẹrẹ wa, ní ìpín owó 1.10, èrè 800 yóò di 200. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèèṣì rọ pẹtiróò sínú dísù, kó má ṣe ṣáná rárá, kó má tilẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, nítorí pọ́ọ̀ǹpù inú táǹkì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n fà á gbẹ níbi tó dúró sí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ yẹ ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà gan-an wò

Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ bẹ ẹni tó ni ọkọ̀ náà kó má ṣáná kí ẹ tó dé. Ní ti dísù, ẹ fetí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá paná: bí irin bá gbo ara wọn jìgìjìgì kí ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí fílaíwíìlì rẹ̀ ti ń lọ, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Kí mẹkáníìkì fi sikánà wo iye èérí àti eérú inú fílítà, àti bí kọ̀ńpútà ṣe ń ṣàtúnṣe fún nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Nọ́sù kan tó yàtọ̀ gédégédé sí àwọn yòókù ni èyí tí yóò kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ tún rí i dájú pé wọn kò tíì fọ́ inú fílítà náà dànù, nítorí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yege àyẹ̀wò èéfín níbi tí òfin rẹ̀ bá múná.

Ní ti pẹtiróò, ẹ tẹ́tí sí ṣéènì ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná. Ẹ béèrè iye ọ́ìlì tí wọ́n ń fi kún un láàárín sáfíìsì méjì. Bí ó bá jẹ́ irú tó ń fọ́n epo tààrà sínú yàrá iná, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fọ ẹnu fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, nítorí pẹtiróò kì í kọjá níbẹ̀ láti fọ̀ ọ́, èérí dúdú a sì máa dì mọ́ ọn bí kìlómítà ṣe ń pọ̀. Ẹ́ńjìnnì a máa gbọ̀n nígbà tó bá tutù, epo tó ń jẹ a sì máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún dísù, ẹ tún wádìí òfin àwọn ìlú tí iṣẹ́ máa ń gbé yín lọ. Àwọn ìlú kan ń gbowó lórí dísù àtijọ́ tàbí kí wọ́n má jẹ́ kó wọ àárín ìgboro, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí tí wọ́n gbà fún pẹtiróò máa ń pọ̀ ju ti dísù lọ. Òfin bẹ́ẹ̀ tún máa ń já owó tí ẹ ó tà á kù, ìyẹn 500 tí a fi sínú ìṣirò wa.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi ìpín owó tó ga jù àti èyí tó lọ sílẹ̀ jù láàárín ọdún tó kọjá ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí dísù bá borí nínú méjèèjì, ẹ rà á. Bí ó bá pàdánù nínú méjèèjì, ẹ ra pẹtiróò. Bí ó bá borí nínú ọ̀kan tó sì pàdánù nínú èkejì, pẹtiróò ni èmi yóò mú, nítorí pé èrè tí ẹ lè rí kéré, àtúnṣe kan ṣoṣo lára nọ́sù sì tó láti gbé e lọ. Ẹni tó máa ń fa tìrélà tàbí tó ń kó ẹrù wúwo gun òkè ni mo yọ sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn yìí. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ẹrù náà sínú ọkọ̀ nígbà tó bá ń wọn epo ní ìgbésẹ̀ kejì, kó sì fi iye tó bá rí bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀.